Kíkàwé JAMB nídìí àpò ìrẹsì: ohun tó lè wọ àárín oníbàárà méjì

Àbúrò mi kan ń tajà ní Bódìjà. Ìrẹsì, ẹ̀wà, èlùbọ́ àti gàrí ló wà ní ṣọ́ọ̀bù màmá rẹ̀. Ó ti jáde níléèwé girama, WAEC rẹ̀ sì pé, ṣùgbọ́n máàkì JAMB tó kọ́kọ́ gbà kò gbé e dé ibi tó ń lọ, ìyẹn ẹ̀ka ètò ọrọ̀-ajé ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ó fẹ́ tún un ṣe. Màmá rẹ̀ ló ń jáde lọ ra ọjà lọ́wọ́ àwọn tó ń já a láti òkè Ọya, òun ló sì ń jókòó ti ṣọ́ọ̀bù. Bí ó bá kúrò níbẹ̀, ọjà ò tà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ owó fọ́ọ̀mù inú ọjà náà ló ti máa jáde. Ọ̀rọ̀ "fi ọjà sílẹ̀ kó o lọ kàwé" kò lè ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Ohun tó bi mí ni pé: "Ẹ̀gbọ́n, mo máa ń ṣí ìwé láàárọ̀, ó máa fi di ìrọ̀lẹ́, ojú ewé kan náà ni mo ṣì wà. Ṣé orí mi ni kò gbé e ni?" Orí rẹ̀ pé. Irú iṣẹ́ tó ń gbìyànjú láti ṣe ni kò bá àyè tó wà mu. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìṣirò nínú, ó sì ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nípa bí ọpọlọ ṣe ń rántí nǹkan. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Ka oníbàárà kó o tó ka ìwé

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ní kó ṣe kò kan ìwé rárá. Mo ní kó mú ìwé àkọsílẹ̀ kékeré, kó pín ojú ewé sí wákàtí wákàtí, kó sì máa fa ìlà kan fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan tó bá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, ì báà rà, ì báà kàn béèrè iye lásán. Ó ṣe é fún ọjọ́ mẹ́fà, láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ohun tó rí nìyí. Láàárín aago 8 sí aago 10 àárọ̀, nígbà tí àwọn olóúnjẹ àti àwọn tó ń rà láti lọ tún tà máa ń wá, ó ń rí nǹkan bí èèyàn 20 ní wákàtí kan. Ìyẹn já sí ẹnì kan ní ìṣẹ́jú 3. Láàárín aago 1 sí aago 3 ọ̀sán, nígbà tí oòrùn mú, èèyàn 6 péré ní wákàtí kan, ẹnì kan ní ìṣẹ́jú 10. Nígbà tó bá di aago 5 tí àwọn òṣìṣẹ́ ń darí sílé, ó tún gbóná padà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta kò sinmi rárá. Ṣọ́ọ̀bù tiyín lè yàtọ̀. Ẹni tó ń ta bíbà ìwé àti báírò lágbègbè Àgbọ́wọ́ lè rí i pé ìrọ̀lẹ́ ni tirẹ̀ máa ń gbóná jù. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ ka tiyín fúnra yín.

Nígbà tó rí ìṣẹ́jú 10 yẹn, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Ìṣẹ́jú 10 tó láti ka ojú ewé mẹ́rin!" Ibí yìí ni ìṣirò ti wọ ọ̀rọ̀. Pé ẹnì kan ń wá ní ìṣẹ́jú 10 lápapọ̀ kò túmọ̀ sí pé olúkúlùkù máa dúró kí ìṣẹ́jú 10 pé kó tó yọjú. Oníbàárà kì í wo aago ara wọn. Ẹni méjì lè tẹ̀lé ara wọn láàárín ìṣẹ́jú kan, kó wá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú 20. Tí kálukú bá ń wá nígbà tó wù ú, láìbára wọn ṣàdéhùn, ìlànà kan wà tí àwọn onímọ̀ ìṣirò fi ń mọ bó ṣe ṣeé ṣe tó pé kí ẹ rí àkókò kan láìsí ẹni tó dá yín dúró:

```
P = 2.718^(-t/m)
```

`t` ni iye ìṣẹ́jú tí iṣẹ́ yín nílò, `m` ni iye ìṣẹ́jú tó ń wà láàárín oníbàárà méjì lápapọ̀, `P` sì ni ìrètí pé ẹ ó parí iṣẹ́ náà kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ẹ lè fi kakulétọ̀ fóònù yín ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká fi sí ọ̀sán Bódìjà, níbi tí `m` ti jẹ́ 10. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú 30, bí i kéèyàn ka orí kan nínú ìwé, máa parí láìsí ìdádúró ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré nínú 100. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú 10 máa parí ní ẹ̀ẹ̀mẹtàdínlógójì nínú 100. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìṣẹ́jú 2 máa parí ní ẹ̀ẹ̀mejìlélọ́gọ́rin nínú 100. Ẹ tún wo àárọ̀ tó gbóná, níbi tí `m` ti jẹ́ 3: iṣẹ́ ìṣẹ́jú 10 kò ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ nínú 100, àmọ́ iṣẹ́ ìṣẹ́jú 2 ṣì máa ń parí ní ẹ̀ẹ̀kan nínú méjì.

Ìdí tó fi wà lójú ewé kan náà títí di ìrọ̀lẹ́ nìyẹn. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú 30 ló ń tì bọ inú àlàfo tí kò gbà á. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dá a dúró, ó ní láti padà wá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn náà. Òótọ́ ni pé oníbàárà kì í dá wá nígbà míì, ìyá kan lè mú ọ̀rẹ́ méjì dání, nítorí náà ìṣirò yìí kò lè bá ọjà mu déédéé. Ṣùgbọ́n ó tó láti fi hàn wá pé tí a bá fẹ́ ṣe àtúnyẹ̀wò ní ṣọ́ọ̀bù, a gbọ́dọ̀ gé e sí ègé tí kò ju ìṣẹ́jú 2 lọ.

Ìbéèrè ló wọ ìṣẹ́jú 2, ojú ewé kò wọ̀ ọ́

Kí ló wá wọ ìṣẹ́jú 2? Ìbéèrè kan àti ìdáhùn rẹ̀. Ohun tó dáa níbẹ̀ ni pé bíbi ara ẹni ní ìbéèrè tún ń mú kí nǹkan pẹ́ lórí ju kíkà á lẹ́ẹ̀kan sí i lọ.

Lọ́dún 2006, àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá méjì, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, gbé ìwádìí kan jáde láti Yunifásítì Washington tó wà nílùú St. Louis ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà kan láti kà. Apá kan kà á lẹ́ẹ̀mejì. Apá kejì kà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wá pa ìwé dé, wọ́n sì kọ gbogbo ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó kà á lẹ́ẹ̀mejì ló ṣe dáadáa jù. Àmọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà: àwọn tó kà á lẹ́ẹ̀mejì rántí ìdá 42 nínú 100, àwọn tó kà á lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n sì fa á yọ láti orí rántí ìdá 56.

Ẹ fi ọkàn sí ìṣẹ́jú 5 yẹn dáadáa, torí òun ló ń tan ọ̀pọ̀ wa jẹ. Tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ìwé kà tán, ó máa ń dà bí ẹni pé a ti mọ̀ ọ́n. Ojú ló mọ ọ̀rọ̀ náà. Orí kò tíì lè dá fà á yọ. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ ìdánwò, kò sí ìwé lọ́wọ́.

Ẹ̀ẹ̀kejì, àlàfo tí oníbàárà ń fi sí àárín ìwé wa kì í ṣe ọ̀tá pátápátá. Lọ́dún 1885, ọ̀gbẹ́ni ará Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, tẹ ìwé kan jáde lórí bí ó ṣe fi ara rẹ̀ ṣe ìdánwò. Ó há àwọn sílébù tí kò nítumọ̀ sórí, ó wá ń wò ó bóyá ó ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ọjọ́ kan, àti oṣù kan. Ó rí i pé ìgbàgbé kì í lọ déédéé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló máa ń yára jù, lẹ́yìn náà ló máa ń fà díẹ̀díẹ̀. Ó tún rí i pé tí òun bá pín àtúnkọ́ sí ọjọ́ mẹ́ta, òun kì í nílò ìgbà púpọ̀ tó bí ìgbà tí òun bá dì í pọ̀ sójú kan. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ló ti fi ìdí èyí múlẹ̀ láti ìgbà náà. Ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè 5 láàárọ̀, 10 lọ́sàn-án, 5 lálẹ́, ó ti ń fi àyè sí i láìmọ̀. Ọjà ló ń bá a pín in.

Páálí, sísọ́ọ̀sì àti ilé mẹ́ta

Bí a ṣe ṣètò rẹ̀ nìyí. Ó gé páálí indomí sí káàdì tó tó àtẹ́lẹwọ́. Ó kọ ìbéèrè kan sí ojú kan, ìdáhùn sí ẹ̀yìn. Ó wá mú páálí bàtà, ó fi páálí míì pín inú rẹ̀ sí ilé mẹ́ta. Sebastian Leitner, akọ̀ròyìn kan, ló sọ irú àpótí báyìí di ìlú mọ̀ọ́ká nínú ìwé kan tó kọ lédè Jámánì lọ́dún 1972. Ilé márùn-ún ló wà nínú tirẹ̀. Mo dín in kù kó lè bá ọjà mu.

Òfin rẹ̀ kò le. Káàdì tuntun wọ Ilé 1. Tí ó bá dáhùn rẹ̀ tó gbà á, káàdì náà á sún síwájú lọ sí ilé tó tẹ̀lé e. Tí ó bá kùnà, ì báà wà ní Ilé 3, ó ń padà sí Ilé 1. Ilé 1 jẹ́ ti ojoojúmọ́. Ilé 2 jẹ́ ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Ilé 3 jẹ́ ti Ọjọ́rú nìkan. Káàdì tó bá gba Ilé 3 kọjá wọ inú ọ̀rá kan, lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni yóò na ọwọ́ sínú ọ̀rá yẹn, kó fa 40 jáde láìwò ó, kó fi dán ara rẹ̀ wò. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ilé 1 nìkan, torí ìlà tó fà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ti sọ fún un pé ọjọ́ yẹn kò ní àyè.

Ẹ jẹ́ ká wo bóyá ó wọ inú ọjọ́ lóòótọ́. Ó ń kọ káàdì tuntun 10 lójúmọ́, ìyẹn 60 lọ́sẹ̀. Tí nǹkan bá ti fìdí múlẹ̀, Ilé 1 máa ń ní bí 20: tuntun 10, àti 10 tó kùnà tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 mìíràn máa wá láti Ilé 2, àpapọ̀ 50. Ọjọ́rú ló wúwo jù, torí 60 Ilé 3 máa dà pọ̀ mọ́ 20 Ilé 1, ó di 80. Tí káàdì kan bá gba ààbọ̀ ìṣẹ́jú, 80 jẹ́ ìṣẹ́jú 40. Wákàtí méjì ọ̀sán lè gbà á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oníbàárà á gé e sí wẹ́wẹ́. Kò sí wàhálà níbẹ̀, torí káàdì kan ni wọ́n lè dá dúró, wọn ò lè dá gbogbo ìwé dúró.

Káàdì náà fúnra rẹ̀ ní bó ṣe yẹ kó rí. "Ṣàlàyé bí ìjọba àpapọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́" kì í ṣe ìbéèrè káàdì, ó ti gùn jù. "Ọdún wo ni Nàìjíríà di olómìnira ara rẹ̀ tí kò ní ọba Gẹ̀ẹ́sì lórí mọ́?" Ìyẹn ni káàdì. Ẹ̀yìn rẹ̀: 1963. Tí ẹ bá rí i pé ẹ̀yìn káàdì yín ju ìlà mẹ́ta lọ, ẹ gé e sí káàdì méjì. Ìbéèrè ìṣirò náà lè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ ìgbésẹ̀ sí ẹ̀yìn, ẹ má kọ ìdáhùn lásán.

Òfin kan tún wà tó jẹ́ ti ọjà: nígbà tí oníbàárà bá dé, káàdì ń dojú bolẹ̀ kó tó sọ pé "ẹ káàbọ̀ mà". Ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń dáhùn sí i kó tó dojú rẹ̀ bolẹ̀, àní tó bá jẹ́ pé "mi ò mọ̀ ọ́n" ni ìdáhùn. Lọ́dún 2009, Sophie Leroy kọ̀wé lórí bí iṣẹ́ tí a kò parí ṣe máa ń fi díẹ̀ sílẹ̀ lọ́kàn nígbà tí a bá bọ́ sórí iṣẹ́ míì, tí ìyẹn á sì ṣàkóbá fún iṣẹ́ kejì. Ní ọ́fíìsì, ó lè jẹ́ pé lẹ́tà ló máa pẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù, ṣéńjì ẹgbẹ̀rún kan náírà ló máa bá èèyàn lọ. Tí ṣéńjì bá ń ṣì, tàbí tí ìyá oníbàárà bá ń kígbe pé "ọmọ yìí, mo ní kóńgò méjì!", ẹ gbé káàdì kúrò ní wákàtí tó gbóná, kí ẹ fi sí ọ̀sán nìkan. Bí màmá bá ti rí i pé owó ń dín, ètò yìí ti parí nìyẹn.

Ọjà fúnra rẹ̀ jẹ́ ìbéèrè

Ọ̀pọ̀ máa ń sọ pé ẹni tó ń tajà kò ní kọlẹ́yìn nínú ìṣirò. Ìwádìí kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Lọ́dún 1985, Terezinha Carraher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì gbé ìwádìí kan jáde láti ìlú Recife ní Bùràsílì. Wọ́n lọ bá ọmọ márùn-ún tó ń tajà lójú pópó, wọ́n ń bi wọ́n ní ìṣirò bí ìgbà téèyàn ń rajà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gba ìdá 98 nínú 100. Lẹ́yìn náà, wọ́n kọ irú ìṣirò kan náà sórí bébà, láìsí ọjà láàárín rẹ̀. Àwọn ọmọ kan náà gba ìdá 37 péré. Ọmọ márùn-ún kéré, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí yé ẹnikẹ́ni tó bá ti tajà rí. Ìmọ̀ wà lórí. Ọ̀nà tí ìdánwò gbà béèrè rẹ̀ ló ṣàjèjì.

Nítorí náà, a ò lè fi ọkàn balẹ̀ pé ọjà á kọ́ni ní ìṣirò JAMB fúnra rẹ̀. Ẹni náà gbọ́dọ̀ máa túmọ̀ ọjà sí èdè ìdánwò, lórí bébà. Mo fi èyí ṣe àpẹẹrẹ fún un. Ẹ jẹ́ ká fi iye tó rọrùn sí i, kì í ṣe iye ọjà òní.

Ká ní kóńgò ẹ̀wà kan wọ ṣọ́ọ̀bù ní ₦1,200, wọ́n ń tà á ní ₦1,500. Nínú ọjà, èrè jẹ́ ₦300, ọ̀rọ̀ parí. Ìdánwò á béèrè ìdá ọgọ́rùn-ún rẹ̀. ₦300 lórí ₦1,200 tí wọ́n fi rà á jẹ́ ìdá 25 nínú 100. Tó bá jẹ́ lórí ₦1,500 tí wọ́n tà á ni, ó di ìdá 20. Ìdáhùn méjèèjì sábà máa ń wà nínú A sí D, ẹni tí kò ka ìbéèrè dáadáa á mú èyí tí wọn kò béèrè. Nígbà tí wọ́n bá kàn sọ pé ìdá èrè, orí owó tí wọ́n fi rà á ni wọ́n máa ń ṣírò rẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ ẹ́ síwájú. Ká ní ṣọ́ọ̀bù náà ń ta kóńgò 40 lọ́sẹ̀. Màmá wá já owó rẹ̀ wálẹ̀ sí ₦1,350, ọjà sì tà dé kóńgò 50. Owó já ní ìdá 10, ọjà lọ sókè ní ìdá 25. 25 pín sí 10 jẹ́ 2.5. Nọ́ńbà yẹn ni ìwé ètò ọrọ̀-ajé ń pè ní ẹlasítísítì, ìyẹn bí ìrajà ṣe ń fà tó nígbà tí owó bá yí padà. Torí ó ju 1 lọ, ìwé sọ pé àpapọ̀ owó tó wọlé á pọ̀ sí i. Ẹ ṣírò rẹ̀: 40 lọ́nà ₦1,500 jẹ́ ₦60,000, 50 lọ́nà ₦1,350 jẹ́ ₦67,500. Ìwé kò parọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ màmá oníṣọ́ọ̀bù bóyá ọ̀nà yẹn dáa. Ó máa rẹ́rìn-ín ni. Èrè tẹ́lẹ̀ jẹ́ 40 lọ́nà ₦300, ìyẹn ₦12,000. Èrè nísinsìnyí jẹ́ 50 lọ́nà ₦150, ìyẹn ₦7,500. Owó tó wọlé pọ̀, èrè dín. Àbúrò mi sọ pé ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín owó tó wọlé àti èrè ti yé òun, bẹ́ẹ̀ ó ti kà á nínú ìwé tó ìgbà mélòó kan. Ó ń kọ irú ìbéèrè báyìí kan lójúmọ́ látinú ọjà tó tà, ìyẹn náà ń wọ Ilé 1.

Ohun tí ṣọ́ọ̀bù kò lè gbà

Káàdì jẹ́ fún ohun tó ti yé èèyàn tẹ́lẹ̀. Kò lè kọ́ni ní orí ìwé tuntun. Tí logaríídì kò bá yé yín, káàdì 20 lórí logaríídì á kàn máa padà sí Ilé 1 lójoojúmọ́ ni. Ẹ̀kọ́ tuntun nílò àkókò tí kò sí ẹni tó máa pe èèyàn, ó kéré tán ìṣẹ́jú 45. Àbúrò mi fi sí aago 5 ìdájí, kí wọ́n tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, ní ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì. Nínú àkókò yẹn ló ti ń kọ káàdì 10 náà pẹ̀lú, torí ẹni tó kọ ìbéèrè jáde ti mọ ohun tó ṣe pàtàkì. Àwọn ọjọ́ yòókù, káàdì tuntun ń wá látinú ìbéèrè ọdún tó ti kọjá.

Kí ló dé tí kì í ṣe òru? Torí ẹni tó dúró láti àárọ̀ kò lè sùn ní aago 1 kó tún jí ní aago 5. Oorun náà wà lára ìwé kíkà. Láti ọdún 1924 ni John Jenkins àti Karl Dallenbach ti fi hàn pé ẹni tó sùn lẹ́yìn tó há nǹkan sórí máa ń rántí rẹ̀ ju ẹni tó lo iye wákàtí kan náà láìsùn lọ. Nítorí náà, Ilé 1 lẹ́ẹ̀kan kó tó sùn, lẹ́yìn náà kó dùbúlẹ̀. Ìyẹn dáa ju wákàtí méjì pẹ̀lú ojú tó ń pa dé.

Ohun kejì tí ṣọ́ọ̀bù kò lè gbà ni ìdánwò odindi. JAMB jẹ́ ìbéèrè 180 ní wákàtí méjì: 60 fún Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú iṣẹ́ mẹ́ta yòókù. Ìṣẹ́jú 120 jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 7,200. Ẹ pín in sí 180, ó jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 40 fún ìbéèrè kan. Àyọkà Gẹ̀ẹ́sì gígùn tún wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń fi káàdì kọ́ra nìkan á mọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n kò ní mọ bí a ṣe ń fò kọjá ìbéèrè tó ń jẹ àkókò, bẹ́ẹ̀ ni jíjókòó síwájú kọ̀ǹpútà fún wákàtí méjì kò ní mọ́ ọn lára.

Ìyẹn ló mú kó lọ bá màmá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo ní kó má lọ béèrè fún "àyè láti kàwé", torí ìyẹn kò ní ìdí, kò ní òpin. Ó mú ìwé àkọsílẹ̀ ìlà rẹ̀ lọ, ó ní: "Mọ́mì, ẹ wò ó, aago 1 sí aago 3 ni ọjà máa ń dákẹ́. Tí ẹ bá lè bá mi jókòó síbẹ̀ ní ọjọ́bọ̀ kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, màá lọ ṣe ìdánwò àṣedánwò ní ilé kọ̀ǹpútà ní Àgbọ́wọ́." Màmá wo ìlà náà, ó ní òun ti mọ̀ pé ọ̀sán máa ń dákẹ́, òun kò kàn mọ̀ pé ó tó bẹ́ẹ̀. Ó gbà. Wákàtí méjì tí kò ní í pa ọjà lára rọrùn láti fún ọmọ ju "ọ̀sán kan" lọ.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti ń bàjẹ́

Àmì mẹ́ta ni mo máa ń wò. Èkíní, Ilé 1 ń wú. Tí ó bá ti ju káàdì 40 lọ, ẹ dá káàdì tuntun dúró pátápátá títí tó fi máa padà sí 20. Ẹni tó ń fi kún un nígbà tí kò tíì san gbèsè àtijọ́ yóò sú.

Èkejì, Ilé 3 ń kún kíákíá, ṣùgbọ́n máàkì ìdánwò àṣedánwò kò gbéra. Ó túmọ̀ sí pé ẹ ń yí káàdì wò kí ẹ tó dáhùn, tàbí pé bí káàdì náà ṣe rí lẹ ti wá mọ̀, bóyá etí rẹ̀ ti ya, bóyá epo wà lára rẹ̀. Ẹ sọ ìdáhùn jáde lẹ́nu kí ẹ tó yí i, kí ẹ sì tún káàdì tó ti lámì kọ ní ọ̀nà míì.

Ẹ̀kẹta, káàdì kan náà ń padà sí Ilé 1 ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ẹ má tún un há sórí mọ́. Káàdì yẹn ń sọ fún yín pé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò yé yín. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú páálí, ẹ fi sínú ìwé tí ẹ máa kà ní ìdájí.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò nílò páálí bàtà lónìí. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ mú ìwé àti báírò dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ máa fa ìlà fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ pín ìṣẹ́jú 60 sí iye ìlà tó wà nínú wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹ ti rí `m` tiyín nìyẹn. Wákàtí tí `m` bá ti tó 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé káàdì lọ.